Líǹkì Tó Ń Ṣí Táàbù Tuntun: Ṣe àti Má Ṣe

Ìwọ tó ń kọ́ ojú òpó ìgbaniwọlé fún iléèwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò lò ó ni ọmọ tó wà ní káfẹ́ ní Under G lẹ́bàá LAUTECH, tàbí tó ń fi fóònù olówó pọ́ọ́kú kọ fọ́ọ̀mù.

Ṣe: Jẹ́ kí líǹkì ṣí nínú táàbù tí ọmọ náà wà. Bó bá wù ú, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ lórí fóònù, tàbí kó di Ctrl mú lórí kọ̀ǹpútà, kó fúnra rẹ̀ ṣí tuntun.

Má ṣe: Má fi `target="_blank"` sí gbogbo líǹkì torí pé ọ̀gá kò fẹ́ kí àlejò lọ. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn kì í ṣiṣẹ́ nínú táàbù tuntun. Ọ̀gá yóò bínú. Jẹ́ kó bínú.

Ṣe: Ṣí táàbù tuntun nígbà méjì péré, bí ìlànà G200 ti W3C ṣe là á sílẹ̀: nígbà tí ìrànlọ́wọ́ tàbí àlàyé bá wọlé láàárín fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí, àti nígbà tí líǹkì tó jáde síta yóò lé ẹni tó ti wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ jáde.

Má ṣe: Má ka PDF tàbí ojú òpó ẹlòmíràn sí ìdí tó tó láti ṣí táàbù tuntun.

Mú fọ́ọ̀mù kan tó ní líǹkì mẹ́rin.

*Ìwọ̀n fọ́tò.* Gbólóhùn méjì ni àlàyé rẹ̀. Fi `<details>` tẹ́ ẹ sínú fọ́ọ̀mù gan-an. Má ṣe é ní líǹkì rárá.

*Ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè.* Ó gùn, ọmọ náà yóò sì máa wò ó bó ṣe ń kọ. Táàbù tuntun, pẹ̀lú ìkìlọ̀.

*Ojú ìwé àkọ́kọ́.* Táàbù kan náà. Fi ohun tó ti kọ pamọ́ kó tó kúrò.

*Sanwó.* Táàbù kan náà, láì jiyàn. Lẹ́yìn ìsanwó, ojú òpó agbowó yóò dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ táàbù tuntun lo ṣí, inú rẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí owó yóò ti jáde, táàbù àtijọ́ yóò sì ṣì máa sọ pé kò tíì sanwó. Yóò padà síbẹ̀, yóò tún san. Níbòmíràn tó o bá ti ń ṣí táàbù tuntun, má dúró dìgbà tí sáfà bá dáhùn kó o tó pe `window.open`. Bíráúsà lè dínà rẹ̀ bíi fèrèsé ìpolówó, ọmọ náà kò sì ní rí nǹkan kan.

Ṣe: Fi fọ́ọ̀mù pamọ́ sórí sáfà ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Má ṣe: Má gbẹ́kẹ̀ lé táàbù tuntun láti pa fọ́ọ̀mù mọ́. Bí ààyè bá há nínú fóònù kékeré, Chrome lè ju táàbù tó wà lẹ́yìn nù. Bí ọmọ náà bá padà, ojú ìwé yóò tún ara rẹ̀ ṣí, ohun tó kọ sì lè ti lọ. Èyí ni ẹ̀sùn "fọ́ọ̀mù yín pa iṣẹ́ mi rẹ́" tó ń ya òǹkọ́ ojú òpó lẹ́nu, nítorí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣe: Kọ ìkìlọ̀ sínú ọ̀rọ̀ líǹkì fúnra rẹ̀, kí ojú tó rí i àti etí tó ń gbọ́ ọ lè mọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

```html
<a href="/ohun-amuye" target="_blank" rel="noopener">
Ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè (yóò ṣí ní táàbù tuntun)</a>
```

Má ṣe: Má fi ìkìlọ̀ sínú `title`, fóònù kì í fi í hàn. Má sì lo àmì ọfà nìkan láìsí ọ̀rọ̀ `alt` lára rẹ̀.

Ṣe: Lo gbólóhùn ìkìlọ̀ kan náà níbi gbogbo.

Má ṣe: Má yọ `rel="noopener"`. Láìsí i, ojú ìwé tuntun lè yí táàbù tó ṣí i padà sí ayédèrú ojú ìwọlé. Chrome ti ń dí ihò yìí fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 88, ní 2021, ṣùgbọ́n fóònù tó ti pẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Ṣe: Wá `_blank` nínú gbogbo kóòdù rẹ, kó o béèrè ìdí lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní ìdí, yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, tan TalkBack lórí fóònù, di ojú rẹ, kó o fi ìka wá líǹkì.

Má ṣe: Má gbé ojú òpó náà jáde bí TalkBack bá ka líǹkì kan tán láì dárúkọ táàbù tuntun tó máa ṣí.