Orin tí a gbọ́ lójú àlá: báwo la ṣe ń wá a kàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn olórin Beatles, jí nílé kan ní Wimpole Street nílùú London, odidi orin kan sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé ó lè jẹ́ orin oníǹkan ni òun gbé. Fún bí oṣù kan ló fi ń lọ bá àwọn tó mọ orin, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Orin yẹn ni wọ́n gbà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 1965, òun náà la mọ̀ sí Yesterday.

Olórin ni McCartney, odidi orin ló sì bá a jí. Àwa yòókù ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn jí pẹ̀lú àjákù orin kan tàbí méjì, láìsí ọ̀rọ̀, àmọ́ kí nǹkan kan wúwo lọ́kàn rẹ̀. Mo ń ṣe másítà nínú físíìsì, ìró ni iṣẹ́ mi dá lé, nítorí náà nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, mo mú un bí iṣẹ́ yàrá ìwádìí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé orin ọ̀hún lè má sí láyé rárá. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí kan ní Ítálì tẹ ìwádìí wọn jáde lórí akọrin 35 àti àwọn 30 tí kì í ṣe akọrin, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọjọ́ kọ àlá wọn sílẹ̀. Àwọn akọrin lá àlá orin ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ohun tó sún mọ́ ìdajì nínú orin tí wọ́n rántí ni kì í ṣe orin tó wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ọpọlọ máa ń kọ orin tirẹ̀, o jàre.

Ohun kejì ni pé àlá kì í dúró deni. Lásìkò oorun tí àlá máa ń pọ̀ jù, norádrẹ́nálínì, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tó ń bá ọpọlọ tọ́jú ìrántí, máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ẹ tó tan rédíò, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn orin náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ má sì tíì wá ọ̀rọ̀ sí i o! Àwa tí a ń sọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èdè wa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà orin tí kò lọ́rọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ létí wa bíi dùndún. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó bá ohùn náà mu á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra rẹ̀, á sì jọ pé ẹ rántí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má kà á sí ẹ̀rí.

Èmi lá a pé mo wà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọrin, mi ò sì rí ojú ẹnì kankan. Nígbà tí mo jí, omi wà lójú mi. Àjákù mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Èkíní jẹ́ ohùn mẹ́fà tó ń gòkè ní méjì-méjì. Èkejì jẹ́ ohùn mẹ́ta tó dọ́gba, tí méjì sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìrù kúkúrú kan tí màá padà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbànújẹ́ yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, wọ́n á lọ máa wá orin arò. Àmọ́ lásìkò oorun àlá, ámígídálà, ẹ̀yà ọpọlọ tí ìmọ̀lára bí ẹ̀rù ń gbà ṣiṣẹ́, máa ń jí pépé. Ìmọ̀lára tó bá ti ibẹ̀ jáde lè jẹ́ ti àlá, kó má jẹ́ ti orin. Orin ayọ̀ lè máa lọ lábẹ́ ẹkún. Ohun tí ìmọ̀lára wúlò fún, lójú tèmi, ni pé ó dà bíi kàlẹ́ńdà. Dípò kí n bi ara mi pé “orin wo ló ń bani nínú jẹ́ báyìí?”, mo bi ara mi pé “ìgbà wo ni mo ti ní irú ìbànújẹ́ yìí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọrin?” Ìdáhùn méjì ni mo kọ sílẹ̀: ọjọ́ tí a parí ilé ẹ̀kọ́ girama, àti ìsìnkú ìyá bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Ó ku ohùn orin fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1975, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Denys Parsons tẹ ìwé kan jáde tó fi ọ̀nà tó rọrùn gan-an to ọ̀pọ̀ orin. Kò kọ nóòtì kankan. Bí ohùn tó kàn bá gòkè, ó kọ U. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó kọ D. Bó bá dọ́gba, R. Ohùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìràwọ̀. Lónìí, ojú-òpó Musipedia máa ń gba irú kóòdù yìí. Tèmi rèé:

```
àjákù 1:  *RURUR
àjákù 2:  *RRDD
```

Àmì márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ mẹ́ta, á fún wa ní 243 péré. Orin tó wà láyé ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí náà ọ̀pọ̀ orin á jọ pín àjákù kíní. Ẹ wo méjì tí gbogbo wa mọ̀, orin Twinkle tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ, àti Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́ inú ìwé orin ìjọ, tí John Bacchus Dykes ṣe ohùn rẹ̀ lọ́dún 1861:

```
Twinkle:  *RURURDDRDRDRD
Mímọ́:     *RURURURRDD
```

Àmì márùn-ún àkọ́kọ́ bára wọn mu láìkù síbì kan! Ẹni tó bá dúró síbí, èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ló máa mú. Àjákù kejì ràn wá lọ́wọ́, nítorí kò síbi tí R méjì ti tẹ̀ léra nínú Twinkle. Àmọ́ ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní A-B-C-D, níbẹ̀ sì rèé, wọ́n máa ń sáré sọ L, M, N, O lórí ohùn kan ṣoṣo, kí P tó sọ̀ kalẹ̀. RR wà níbẹ̀, D sì tẹ̀ lé e. D kejì ló yọ ọ́ kúrò, torí pé láti P sí Q ńṣe ni orin yẹn tún gòkè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sí fóònù, tí mo wọn ìwọ̀n ìró àwọn ohùn náà pẹ̀lú áàpù tí wọ́n fi ń tún okùn gìtá ṣe. W. Jay Dowling, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ orin, ti fi hàn lọ́dún 1978 pé orin tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, bó ṣe ń lọ sókè sódò la sábà máa ń rántí. Orin tó ti pẹ́ lára wa, a máa ń mú ìwọ̀n àlàfo àárín ohùn pàápàá. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta tí àlàfo náà ń yí padà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tí ọpọlọ kàn ń hun. Bí kò bá yí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orin tó ti pẹ́ nínú yín.

Nínú ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́, mo wà lórí 196 hẹ́ẹ̀sì, mo gòkè sí 248, lẹ́yìn náà 294. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti 210, mo lọ sí 265 àti 314. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 185, 233, 278. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ń yí padà, àmọ́ ẹ fi ohùn àkọ́kọ́ pín àwọn yòókù: ó ń sún mọ́ 1.26 àti 1.5 ní gbogbo ìgbà. Do, mi, so nìyẹn. (Ẹ má fi pọ̀ mọ́ dò-re-mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn nílé ìwé, ọ̀tọ̀ ni.) Twinkle máa ń fò láti do lọ sí so lẹ́ẹ̀kan náà, 1.5 ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe òun.

Èyí tó wá jẹ́ kí n dìde lórí àga ni àjákù kejì. Láìmọ̀ọ́mọ̀, mo kùn ún mọ́ àkọ́kọ́ nínú ìgbàsílẹ̀ kan náà, nítorí náà mo lè fi wọ́n wéra. Ohùn mẹ́ta tó dọ́gba wà lórí 330, ìyẹn la. Ó sọ̀ sí 294, so, ó tún sọ̀ sí 247, mi. Ibi tí Mímọ́ gbà gan-an nìyẹn lẹ́yìn ohùn mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo ti rò pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú orin ni àwọn àjákù méjèèjì ti já, àṣé ńṣe ni wọ́n tẹ̀ léra, U kan ṣoṣo ló sọ nù láàárín wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé kí n kàn ti orin náà bọ̀, kí n wò ó bóyá màá mọ ohùn tó kàn kó tó dé. Ọ̀nà tó dáa nìyẹn bó bá jẹ́ orin tí ẹ ò mọ̀. Àmọ́ èmi ti mọ Mímọ́ látìgbà èwe. Bí mo bá mọ ohùn tó kàn, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àlá. Ohun tí mo gbà sílẹ̀ kí orúkọ orin kankan tó wá sí mi lọ́kàn nìkan ló lè jẹ́rìí.

Mo pe màámi. Mi ò kùn orin kankan sí wọn létí, mi ò sì dárúkọ kankan, torí ẹni tó bá béèrè pé “ṣé ẹ kọ Mímọ́?” ti fi ìdáhùn síni lẹ́nu. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orin wo lẹ rántí níbi ìsìnkú Màmá Àgbà?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kí ló dé tó o fi ń bèèrè? Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́ la fi wọlé. Ìwọ lo ń sunkún jù. O ní ṣe ni kí wọ́n ṣí pósí.”

Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ sáyẹ́ǹsì mú un: orin tí wọ́n ń kọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ìdáhùn màámi ò lè fi hàn pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àlá mi ti mú un. Orin wo ni, mo mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti wá, ó ṣeé ṣe ni mo lè sọ.

Ó wá ku àjákù kẹta. 196, 220, 233, ó sì padà sí 196. 233 yẹn ni mi tí wọ́n fà wálẹ̀ díẹ̀, èyí tó máa ń mú ohùn orin ṣókùnkùn, kò sì síbì kankan nínú ohùn orin tí Dykes ṣe tí mi ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ kóòdù rẹ̀, *UUD, sójú-òpó yẹn. Ẹyọ àmì mẹ́ta, 27 péré, gbogbo ayé ló bá a mu. Ó ṣì wà nínú fóònù mi, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.