Ẹ Má Jẹ́ Kí Pákẹ́ẹ̀tì Máa Dúró De Kọntírólà

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi. Nínú swíìṣì àtijọ́, àpótí kan náà ló ń ronú ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì máa gbà, òun náà ló sì ń tì í jáde. Lọ́dún 2008, Nick McKeown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé OpenFlow jáde. Wọ́n yọ ìrònú yẹn kúrò nínú swíìṣì, wọ́n gbé e fún kọntírólà, ìyẹn ètò kan tó ń rí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọntírólà á kọ òfin sínú tébù swíìṣì, swíìṣì á sì máa tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo sábà ń rí lọ́wọ́ yín nìyí: tébù òfìfo, àfi òfin kan ní priority=0 tó ní kí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì tí kò bá òfin mu lọ sọ́dọ̀ kọntírólà. Bí 10.0.0.1 bá fẹ́ bá 10.0.0.2 sọ̀rọ̀, swíìṣì á kọ́kọ́ béèrè, kọntírólà á wá kọ òfin tó ní idle_timeout=10. Fún ẹ̀rọ mẹ́ta lórí tábìlì, kò sí wàhálà. Nínú ilé tí ẹ̀rọ ti pọ̀, ìbéèrè á bo kọntírólà mọ́lẹ̀. Ẹ lo àṣẹ yìí lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín:

```
ovs-ofctl -O OpenFlow13 dump-flows br0
```

Bí n_packets orí ìlà priority=0 bá ń yára gòkè, kọntírólà ló ń ṣe iṣẹ́ swíìṣì. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ti mọ àdírẹ́sì àti ojúhò rẹ̀, ẹ kọ òfin tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, láìfi idle_timeout sí i. Àlejò nìkan ni kó máa béèrè.

Ọ̀rọ̀ tó wá ká mi lára jù ni ọjọ́ tí kọntírólà bá kú. Ká ní òfin kan ń dènà àlejò kó má dé kọ̀ǹpútà àwọn akápò. Bẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún Open vSwitch, standalone ló máa lò: tí kò bá gbúròó kọntírólà mọ́ fúngbà díẹ̀, á di swíìṣì lásán tó ń kọ́ àdírẹ́sì MAC fúnra rẹ̀, àlejò á sì wọlé tọ akápò lọ. Nítorí náà:

```
ovs-vsctl set-fail-mode br0 secure
```

Lábẹ́ secure, ìdènà yẹn dúró. Ṣùgbọ́n òfin tó ní idle_timeout=10 á pa rẹ́ nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bá kọjá láìsí pákẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó máa tún un kọ. Àmì rẹ̀ ṣàjèjì: àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ń bá a lọ, ẹni tó dákẹ́ díẹ̀ ò lè padà wọlé mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ ovs-vsctl show, kẹ́ ẹ wò ó bóyá is_connected: true ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníṣẹ́, ẹ pa kọntírólà fúnra yín, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá fi ping dán ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò, títí kan èyí tó yẹ kó dí.