"Bí" Kì í Ṣe Àfiwé Nígbà Gbogbo

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo kọ ewì kékeré tí mo fúnra mi hun sójú pátákó:

Orí Bàbá funfun bí òwú,
Àpáta ni Bàbá láàrin ẹbí;
A bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú,
Bàbá fi àáké kọ́rí.

Ìlà kìíní kò dà wọ́n láàmú. Àfiwé tààrà ni: orí àti òwú ni a fi wé ara wọn, "bí" ló sì so wọ́n pọ̀. Àmọ́ "bí" yìí náà ló di pańpẹ́. Mo kọ "Bí òjò bá rọ̀, n ó wálé", ó sì lé ní ìdajì kíláàsì tó pè é ní àfiwé tààrà. Kí la fi wé kí ni níbẹ̀? Kò sí. Ẹ tún wo "Ẹ̀rín rẹ jọ ti ìkókó": kò sí "bí" níbẹ̀, síbẹ̀ àfiwé tààrà ni, nítorí "jọ" ti ṣe iṣẹ́ náà.

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ìlà kejì. A kò sọ pé Bàbá dà bí àpáta. A ní òun gan-an ni àpáta. Ẹ má wá rò pé "ni" ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ o. "Àgbẹ̀ ni Bàbá" kì í ṣe àfiwé rárá, bí Bàbá bá ń roko lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí mo kọ "Àpáta wa wó lánàá". Ọmọkùnrin kan ní àkànlò èdè ni. "Ọ̀gá, ẹ kò dárúkọ Bàbá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì fara sin." Ẹnu yà mí, nítorí n kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Mo bá ní kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan. A fi ìrókò rọ́pò àpáta: "Ìrókò wa wó lánàá". Àwòrán yí padà, ṣùgbọ́n ó ṣì yé wa pé ẹni ńlá kan ti lọ. A wá fi àdá rọ́pò àáké: "Bàbá fi àdá kọ́rí". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìtumọ̀ "kọ̀ jálẹ̀" ti pòórá, ó ku ọkùnrin kan tó gbé àdá kọ́ orí ara rẹ̀. Akéwì ló ń yan àwòrán inú àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Àwọn tó ń sọ èdè ló ti di àkànlò èdè pọ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Olùṣe nìkan ni a lè pààrọ̀: mo fi àáké kọ́rí, wọ́n fi àáké kọ́rí.

Nínú ìdánwò tí mo ṣe fún wọn, mo fi ìlà yìí sí i: "Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹtu". Olùkọ́ tí mo bá níbẹ̀ ní kí n gba ìdáhùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àkànlò èdè ni "bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀", ìyẹn ni pé ó sá lọ. Àfiwé tààrà sì ni "bí ẹtu". Ẹni tó kọ méjèèjì ni mo fún ní máàkì 2.