Fọ́tò Ewé Kan Ṣoṣo Kò Tó Dá Ewéko Mọ̀

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀fọ́ ìgbá nìyí?" Irú ìbéèrè tó máa ń bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rìn nìyẹn. Ewé kan ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ̀, ó tutù, etí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ tó mú fóònù gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ sì ṣe bàìbàì. Orí ààtàn lẹ́yìn ilé ló hù sí, ẹni tó yà á sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun já a sọ́bẹ̀. Èsì tí onímọ̀ ewéko tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ lè fún un kò ju èyí lọ: ó lè jẹ́ ẹ̀fọ́ ìgbá, ó sì lè jẹ́ gègémù, tí àwọn mìíràn ń pè ní apikán. Ọ̀kan ṣeé fi jẹ iyán. Èkejì ń mú kí ẹnu gbẹ táútáú, kí ẹyinjú fẹ̀, kí àyà máa lù kìkì, kí ẹni tó jẹ ẹ́ sì máa bá ohun tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè pa èèyàn pẹ̀lú.

Bí a bá tún fọ́tò yẹn yà tó mọ́ gaara, láti ibi kan náà tí a ti yà á tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni yóò mú wá. Ìkùukùu ojú fọ́tò kọ́ ni olórí ìṣòro. Ibi tí a ti yà á ni.

Ohun tí ewé kan kò lè sọ

Ẹbí kan náà ni ìgbá, ikàn, òdú, ata, tòmátì àti gègémù. Ìdí nìyí tí ewé ìgbá àti ti gègémù fi máa ń jọra. Àwọn méjèèjì fẹ̀ nídìí, orí wọn ṣóńṣó, etí wọn kì í sì í gún régé. Nídìí ewé, apá kan sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ ju apá kejì lọ. Lórí igi kan ṣoṣo pàápàá, ewé ìsàlẹ̀ kì í rí bí ti òkè: èyí tó wà lábẹ́ òjìji máa ń tóbi, á sì fẹ́lẹ́, èyí tí oòrùn ń pa máa ń kéré, á sì le. Nítorí náà, ẹni tó bá fi bí ewé ṣe rí ní etí nìkan dájọ́, orí ẹ̀rí tó ń yí padà ló dúró lé.

Èkejì ni pé nínú fọ́tò tó sún mọ́ ewé jù, a kì í mọ̀ bóyá odindi ewé ni à ń wò tàbí ẹyọ kan lára rẹ̀. Ẹ wo dongoyaro. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ewé dongoyaro, tó tẹ̀ díẹ̀ bí dòjé, tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ọmọ ewé lásán ni. Odindi ewé ni ọ̀pá gígùn náà pẹ̀lú gbogbo ọmọ ewé tó tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Dongoyaro sì ní ìbátan kan tí wọ́n máa ń gbìn sí àgbàlá fún ẹwà, Mẹ́líà ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ọmọ ewé tirẹ̀ náà ní eyín létí. Ọ̀pá ewé rẹ̀ ló yàtọ̀, nítorí ó tún pín sí àwọn ọ̀pá kéékèèké kí àwọn ọmọ ewé tó tò sára wọn. Èso Mẹ́líà ní májèlé fún èèyàn. Ẹni tó bá ya ọmọ ewé kan ti gé ohun tó ya igi méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò nínú fọ́tò kó tó fi ránṣẹ́.

Ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka

Bí ewéko kò bá tíì ní òdòdó tàbí èso, fọ́tò tó wúlò jù lẹ́yìn ti ojú ewé ni ti ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ẹ ya ẹ̀ka náà ní ẹ̀gbẹ́, kí ewé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin hàn pẹ̀lú ìdí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí fọ́tò yìí ń sọ ni bí ewé ṣe tò. Ṣé méjì méjì ni wọ́n dojú kọ ara wọn, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, òmíràn lósì lókè rẹ̀? Ẹ̀fínrín, fún àpẹẹrẹ, méjì méjì ni ewé rẹ̀ ń yọ, igi rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin. Ewúro ń yọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan yìí nìkan lè yọ ọ̀pọ̀ orúkọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kejì ni ojú, irú èyí tí a ń rí lára ìrèké, níbi tí ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ. Nídìí odindi ewé, ní kọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹ̀ka, ẹ ó rí ojú kékeré kan. Kì í sí nídìí ọmọ ewé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ rò pé ewé wà, kí ẹ máa bá ọ̀pá rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi kan ojú yìí. Ibẹ̀ ni ewé ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó sì gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́tò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún dongoyaro, kò sí bí ẹ ó ṣe fi ọmọ ewé kan ránṣẹ́ mọ́.

Òdòdó àti èso: ẹ yà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́

Bí òdòdó tàbí èso bá wà, òun ló ṣíwájú gbogbo fọ́tò yòókù. Èèyàn sì máa ń fẹ́ ya òdòdó láti iwájú, nítorí ibẹ̀ ló rẹwà sí. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ààtàn. Òdòdó gègémù tí a yà láti iwájú máa ń hàn bí ohun róbótó funfun tàbí àwọ̀ àlùkò, tó ní igun yí ká. Òdòdó ìgbá náà rí róbótó, ó ní igun márùn-ún, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ wá yà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́. Ti gègémù gùn bíi fèrè, ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, awẹ́ aláwọ̀ ewé tó bo ìdí rẹ̀ náà gùn bí ọ̀pá oníhò. Ti ìgbá tẹ́ pẹrẹsẹ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ohun yẹ́lò kéékèèké márùn-ún sì kóra jọ ṣóńṣó láàárín rẹ̀. Òdòdó gègémù máa ń là ní ìrọ̀lẹ́, ó sì sábà máa ń rọ bí oòrùn bá ti mú. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ yà á ní ọ̀sán gangan lè bá ohun tó ti rọ pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára.

Èso tún tètè ń tú àṣírí. Èso gègémù rí róbótó, ẹ̀gún kúkúrú bò ó yí ká, ó sì sábà máa ń dorí kodò. Èso ìgbá ń dán, kò ní ẹ̀gún lára, awẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà nídìí rẹ̀ sì gbá a mú. Bí òdòdó bá ti rẹ̀, tí èso sì ti já, ẹ wo oríta ẹ̀ka. Igi gègémù máa ń pín sí méjì, òdòdó kan ṣoṣo sì ń yọ ní oríta náà, kì í ṣe ìdì. Òdòdó ìgbá ń yọ lára ẹ̀ka fúnra rẹ̀, láàárín ewé kan sí èkejì, díẹ̀ sì lè wà papọ̀. Ẹ ya oríta yẹn.

Gbogbo ewéko, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ewé

Fọ́tò kẹta ni ti gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, kí a lè mọ̀ bóyá igi ni, ìtàkùn ni, tàbí ewéko kékeré. Ẹ fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi páálí ìṣáná tàbí bírò.

Fọ́tò kẹrin ni ti ẹ̀yìn ewé. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń yọ síta, ibẹ̀ náà sì ni irun tàbí ẹ̀gún tí kò hàn lójú ewé máa ń wà. Àwọn ìgbá kan ní ẹ̀gún tín-tìn-tín lórí iṣan ewé, gègémù kì í ní in. Bí ẹ bá rí ẹ̀gún lára ewé, kì í ṣe gègémù. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí i, ẹ̀yin kò tíì mọ nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ ìgbá ni kò ní ẹ̀gún rárá.

Bí a ṣe ń yà á kó má baà ṣú

Fóònù tó bá sún mọ́ ewé jù kò lè ríran dáadáa. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín, kí ẹ fi ìka tẹ ewé náà lójú fóònù, kí ẹ dúró títí yóò fi mọ́ kí ẹ tó yà á. Bí ewé bá tín-ín-rín, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù máa ń mú. Ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ di ẹ̀ka mú lókè ibi tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ má yà á lójú oòrùn gan-an, nítorí dídán yóò bo iṣan mọ́lẹ̀.

WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù bó bá ń fi í ránṣẹ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ láti abẹ́ "Document", kó lè dé bí ẹ ṣe yà á. Kí ẹ kọ ohun tí fọ́tò kò lè gbé sí ìsàlẹ̀: ìlú, bóyá orí ààtàn, oko àbí etí odò, gíga rẹ̀, òórùn rẹ̀, àti bóyá oje funfun jáde nígbà tí ẹ já a. Bí ẹ bá fura sí gègémù, ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi já a kan ojú. Oje rẹ̀ lè mú kí ẹyinjú fẹ̀, kí ojú sì máa ríran bàìbàì. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́.

Ibi tí fọ́tò dúró sí

Bí gbogbo fọ́tò tí ẹ yà bá tilẹ̀ mọ́ rekete, ewéko kékeré tí kò tíì yọ òdòdó lè máà ní ju orúkọ ẹbí rẹ̀ lọ. Lórí ààtàn yẹn, ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi yọ òdòdó, kí ẹ má jẹ ẹ́ kó tó dìgbà náà.

Bí ọ̀ràn náà bá kan oògùn tàbí oúnjẹ, ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ̀yìn ewé kan hàn, ẹ gbé ohun wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Àwọn tó ń tọ́jú ewéko gbígbẹ wà ní Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n lè gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n la òdòdó rẹ̀, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ fún yín.