Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE Ń KỌ LẸ́TÀ SÍ ONÍYANRÌN, GÍRÁNÁÌTÌ ÀTI SÌMẸ́ŃTÌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yá owó kọ́lé, ṣùgbọ́n ẹnu lásán la fi ń ra ohun èlò. Bí ọjà bá dín tàbí tí ó pẹ́, kò sí ìwé tí a ó nà sí ọlọ́jà. Nítorí náà ni a ṣe mú lẹ́tà wá ṣe ẹ̀kọ́ lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ilé ìpamọ́ kòkó kan ṣe àpẹẹrẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ìbú rẹ̀ mítà 8, kọnkéré ibẹ̀ yóò sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, 10 × 8 × 0.15, ó jẹ́ kúbíìkì mítà 12. Kúbíìkì mítà kan ni ohun tí ó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá pò ó tán, ó máa ń sún kì. Nítorí náà, ohun gbígbẹ tí a nílò tó nǹkan bí 18.5. Bí a bá pò ó ní sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin, ìpín méje ni. Sìmẹ́ńtì yóò jẹ́ àpò 76, iyanrìn 5.3, gíránáìtì 10.6. A ó bù lé e díẹ̀ nítorí ìfiṣòfò. Ti iyanrìn ni kí ẹ bù lé jù, torí iyanrìn tútù máa ń wú, ó ń tan ojú jẹ.

Lẹ́tà náà nìyí:

*26 Oṣù Kìíní, 2026.*

*Alàgbà,*

*Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kí ẹ kó àwọn ohun wọ̀nyí wá síbi iṣẹ́ wa:*

*1. Iyanrìn odò tí kò ní ẹrẹ̀, kúbíìkì mítà 7, ní Mọ́ńdè 9 Oṣù Kejì.*
*2. Gíránáìtì tíríì-kúọ́tà, kúbíìkì mítà 12, ní Túsìdeè 10 Oṣù Kejì.*
*3. Sìmẹ́ńtì 42.5, àpò 80, ní Tọ́sìdeè 12 Oṣù Kejì, kí ó tó di agogo 12 ọ̀sán.*

*Sátidé 14 la ó da kọnkéré. A ó wọn ẹrù nínú ọkọ̀ kí ẹ tó dà á sílẹ̀, iye tí a bá wọ̀n la ó san owó rẹ̀. Èyí tí ó bá dín, kí ẹ jọ̀ọ́ mú un wá ní Wẹ́sìdeè 11. Àpò sìmẹ́ńtì tí ó bá ti dì, a ó dá a padà. Bí ọjọ́ kan kò bá rọrùn fún yín, ẹ fún wa lésì kí ó tó di 2 Oṣù Kejì.*

*Àwa ni tiyín, Akọ̀wé.*

Ẹ wò ó pé a kò kọ “tìpà kan.” Tìpà kò dọ́gba. Bí awakọ̀ bá ní tìpà òun kún, ẹ tẹ́ ojú iyanrìn náà pẹrẹsẹ, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 4, ìbú 2.5, gíga 0.6, mẹ́fà péré ni. Ó kù ọ̀kan. Wẹ́sìdeè tí a fi sílẹ̀ wúlò nìyẹn.

Fún ẹrẹ̀, ẹ bu iyanrìn sínú ìgò funfun, ẹ da omi oníyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹrẹ̀ yóò tẹ́ sórí iyanrìn. Bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga iyanrìn lọ, ẹ má gbà á.

Ìdí tí a fi kọ 42.5 ni pé láti 2014 ni àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ti ní kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri. Sìmẹ́ńtì ló gbẹ̀yìn dé torí ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́. Ẹ tò ó sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Bí ẹ bá tẹ àpò tí inú rẹ̀ le bí òkúta, tí kò fọ́ lọ́wọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí gbogbo ẹrù pé ní ilẹ̀ kí Sátidé tó mọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí gíránáìtì bá tán ní ìdajì iṣẹ́, tí a wá ń dúró de tìpà, èyí tí a ti dà yóò ti máa le. Tuntun kò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ojú ibẹ̀ ni yóò sán, ibẹ̀ náà ni omi yóò máa gbà wọlé bá kòkó.

Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí ọlọ́jà fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín láti tọ́jú. Ó dìgbà kan ná.