Bí A Ṣe Ń Kọ Ohun Èlò Sílẹ̀: Àpẹẹrẹ Omi Kànga Karaworo

Ìlà kan wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ìkánjú kọ: ohun èlò tí a lò. Bí a bá kọ "pípẹ́ẹ̀tì, búrẹ́ẹ̀tì, òṣùwọ̀n, EDTA" nìkan, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ibi tí èsì wa ṣe é gbára lé dé.

Ká ní a pọn omi kànga kan ní Karaworo, Lọ́kọ́ja, tí a fẹ́ mọ bí ó ti le tó, ìyẹn líle tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ìwé ìlànà NIS 554 ti ọdún 2007 fi 150 mg/L ṣe òpin fún omi mímu. A kán EDTA sí 100 ml omi náà títí àwọ̀ pupa fi di búlúù, 14.90 ml ni ó gbà. Nígbà tí 1 ml EDTA 0.0100 M bá 1 mg CaCO₃ dọ́gba, líle omi náà jẹ́ 149 mg/L. Ó kù díẹ̀ kó kan òpin. Báyìí ni ó yẹ kí a kọ ohun èlò wa:

1. Pípẹ́ẹ̀tì 100 ml, kíláàsì A, ±0.08 ml.
2. Búrẹ́ẹ̀tì 50 ml, kíláàsì A, ±0.05 ml.
3. Ìgò ìwọ̀n 250 ml, kíláàsì A, ±0.15 ml.
4. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.0001 g.
5. EDTA, C₁₀H₁₄N₂Na₂O₈·2H₂O, mímọ́ rẹ̀ kò dín ní 99.5%, 0.9306 g nínú 250 ml, 0.0100 M.
6. Omi àmóníà tó ń mú pH dúró sí 10; 2 ml, sílíńdà ni a fi wọ̀n ọ́n.

Pípẹ́ẹ̀tì àti búrẹ́ẹ̀tì lápapọ̀ kò lè yẹ èsì wa tó 1 mg/L. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n wa bá jẹ́ èyí tó ń ka 0.01 g, kíkà ẹ̀ẹ̀mejì, àwo òfìfo àti àwo tó ní kẹ́míkà, lè fi 0.01 g yẹ̀. Nínú 0.93 g, ìyẹn ju 1% lọ: omi náà lè jẹ́ 150.6 mg/L, ó ti kọjá òpin. Pípẹ́ẹ̀tì olówó ńlá kò lè tún èyí ṣe.

Ẹ má fo "·2H₂O" náà. Irú EDTA kan wà tí kò ní omi nínú. Bí a bá wọn 0.9306 g rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 11% ju 0.0100 M lọ. Díẹ̀ ni yóò tó, omi tó jẹ́ 165 mg/L yóò sì hàn bí 149. Ẹni tó bá ka fọ́múlà nínú ìwé wa ni yóò rí àṣìṣe náà.

Ti omi àmóníà yàtọ̀. Bí ó bá fi díẹ̀ lé tàbí dín, pH kò ní yẹ̀ púpọ̀, nítorí náà sílíńdà tó. Bí ó bá ti bàjẹ́, àwọ̀ kò ní yí kedere.

Bí a bá sì fi CaCO₃ dán agbára EDTA wò kí a tó lò ó, òṣùwọ̀n tí a fi wọn CaCO₃ ni kí a kọ, nítorí òun ni èsì wa dúró lé.