Ọjọ́ Wo Ni 12 Oṣù Kẹfà Ọdún 2028 Yóò Bọ́ Sí?

Ìyá àgbà wa ní Ṣágámù yóò pé ọgọ́rin ọdún ní 12 oṣù Kẹfà ọdún 2028, ọjọ́ tí ìjọba fi ń ṣe ìrántí ìbò ọdún 1993. Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ni yóò jẹ́, pé kí a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, kí a sì gba gbọ̀ngàn fún ọ̀sán. Wọ́n ti fẹ́ san àsansílẹ̀ owó gbọ̀ngàn. Màmá mi náà ṣírò tiwọn, Àìkú kan náà ni wọ́n bá. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló ṣì í, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣì í kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan ní ọjọ́ 365. Tí a bá fi 7 pín in, ọ̀sẹ̀ 52 ni, ó sì ku ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù yìí ló ń ti déètì kan síwájú lọ́dọọdún. 12 oṣù Kẹfà ọdún 2026 jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ti ọdún 2027 yóò bọ́ sí Àbámẹ́ta.

Àbúrò màmá mi tún fi ọjọ́ kan kún un fún 2028, wọ́n sì dé Àìkú. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé oṣù Kejì ọdún 2028 ní ọjọ́ 29. Láti 12 oṣù Kẹfà 2027 sí ti 2028, ọjọ́ 366 ni, èyí tó ṣẹ́kù sì di méjì. Àròpọ̀ rẹ̀ láti 2026 jẹ́ mẹ́ta.

Màmá mi rántí ọjọ́ 29 yìí. Wọ́n mọ̀ pé mẹ́ta ni kí àwọn kà láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n wá na ìka: "Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Ó pé mẹ́ta."

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ èdè wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ ni màmá mi ṣe kà á: a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Òní ni kìíní, àná ni kejì, ìjẹta ni kẹta. Ẹ̀ta wà nínú "ìjẹta", ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọjà ọrọọrún ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá sì sọ lónìí Ẹtì pé "ó di ọjọ́ mẹ́jọ òní", Ẹtì tó ń bọ̀ ni mò ń wí. Kò sí àṣìṣe nínú ìkà yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù nínú ìpín jẹ́ iye ìgbésẹ̀, kì í ṣe iye ọjọ́ tí a dárúkọ. Láti Ẹtì, ìgbésẹ̀ kìíní gbé wa dé Àbámẹ́ta, ìkejì dé Àìkú, ìkẹta dé ọjọ́ Ajé.

Wọn ò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Mo bi ìyá àgbà pé, "Mà, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?" Wọ́n ní Àbámẹ́ta ni, bí ìyá wọn ṣe sọ fún wọn. Láti 1948 sí 2028 jẹ́ ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ ogún, láti ti 1952 títí dé ti 2028. Ti 1948 kò sí nínú rẹ̀, torí ó ti kọjá kí wọ́n tó bí wọn. 80 pẹ̀lú 20 jẹ́ 100. Fi 7 pín in, ó ku 2. Ìgbésẹ̀ méjì láti Àbámẹ́ta ni ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà méjì tí kò bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà ló bára mu yìí, ẹnikẹ́ni ò jiyàn mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú òpin oṣù Kejì. 1 oṣù Kìíní ọdún 2028 yóò jẹ́ Àbámẹ́ta, ìgbésẹ̀ kan péré sí ti 2027. Ọdún 2029 ló máa fò dé ọjọ́ Ajé. Nítorí náà, ẹ má wo bóyá ọdún náà ní ọjọ́ 366. Ẹ wo bóyá ọjọ́ 29 wà láàárín déètì méjèèjì. Ọdún 2100 kò ní ní in rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 pín in. Ìṣírò yìí ò sì lè ṣiṣẹ́ fún Iléyá, torí oṣù ojú ọ̀run ló ń darí ìyẹn.

Àwa ti fi ìdúpẹ́ sí Àìkú, 11 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ Ajé tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi la ó fi ṣe àríyá, kí àwọn ará Èkó lè ráàyè wá. Ẹ wá bá mi ṣírò èyí: 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ wo ni ti 2030? Tí ẹ bá bá ọjọ́ Ajé, ẹ ti ka Ọjọ́bọ̀ mọ́ ọn. Ìṣẹ́gun ni.